Bí Opó Tó Jogún Ilé Ṣe Lè Yan Òwò Àkọ́kọ́ Rẹ̀

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí ilé kan wà nílẹ̀, tí owó díẹ̀ wà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí kò tajà rí. Irú wọn pọ̀ láàárín wa: olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìjọba, tàbí ìyá tó jẹ́ pé ọkọ ló ń gbọ́ gbogbo bùkátà ilé. Kí ọ̀rọ̀ má baà rí bí àlá, a ó fi ìyá kan ní Apẹtẹ, ní Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ rẹ̀ fi ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kan sílẹ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù méjì tó kọjú sí títì, ìyá náà fúnra rẹ̀ sì ní mílíọ̀nù mẹ́ta náírà nípamọ́. Àpẹẹrẹ lásán ni iye owó tí a ó máa dá. Ẹ fi iye tó wà ní àdúgbò yín rọ́pò wọn, kí ẹ sì mú ọ̀nà ìṣirò náà lọ.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ ẹni tó ni ilé tí ẹ fẹ́ tajà níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ opó ló gbà pé bí ọkọ bá ti kọ orúkọ àwọn sí ìwé báǹkì gẹ́gẹ́ bí ìbátan tó sún mọ́ ọn jù lọ, owó náà ti di tàwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí báǹkì yóò kàn sí ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí, kò sọ ẹni náà di ajogún. Bí ọkọ kò bá kọ ìwé ìhágún, báǹkì kì í tú owó sílẹ̀ títí ìwé àṣẹ àbójútó ogún yóò fi jáde láti ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ogún ní ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀, ìwé náà sì máa ń pẹ́ kó tó jáde, ó sì ń gba owó àti onídùúró. Nítorí náà, ẹ má ṣe ka owó tó ṣì wà lábẹ́ orúkọ olóògbé mọ́ owó tí ẹ fẹ́ fi ṣòwò. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín gan-an ni kí ẹ fi ṣírò.

Ní ti ilé, irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe ló ń sọ ibi tí ẹ dúró sí. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó kóòtù, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé-ẹ̀rí lábẹ́ òfin ìgbéyàwó, òfin ka ìyàwó mọ́ àwọn tó ní ìpín. Bó bá jẹ́ pé ìlànà Ìsìláàmù ni wọ́n fi pín ogún, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti opó nígbà tí olóògbé bá bímọ, bí ìyàwó bá sì ju ẹyọ kan lọ, ìdá kan yẹn náà ni wọn yóò jọ pín. Ní ìlànà ìbílẹ̀ Yorùbá, àwọn ọmọ ló ń jogún, ìyá wọn ń gbé inú ilé nítorí tiwọn, ilé tí wọn kò tíì pín sì jẹ́ ti ẹbí, tí ẹnì kan kò lè dá tà láìsí olórí ẹbí àti àwọn àgbà láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan. Lóòótọ́, lọ́dún 2014, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà bẹnu àtẹ́ lu àṣà tí wọ́n fẹ́ fi lé opó kan jáde nílé ọkọ rẹ̀ nítorí pé kò bí ọmọkùnrin, nínú ẹjọ́ kan tó wá láti ìlú Awka. Ṣùgbọ́n èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ òwò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan òwò ni pé ohun tí ẹ bá kọ́ mọ́ ilẹ̀ máa ń bá ilẹ̀ lọ. Ilé adìẹ oníbíríkì, kànga dẹ́rọ̀ àti ilé tí wọ́n ti ń ṣe omi inú ọ̀rá yóò di ohun ogún lọ́jọ́ tí ẹbí bá ní kí wọ́n pín in. Ọjà inú àpò kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ lè gbé e kúrò láàárín ọjọ́ kan. Opó tí ipò rẹ̀ lórí ilé kò tíì dúró kò gbọ́dọ̀ yan òwò tó ń béèrè ìkọ́lé, bó ti wù kí èrè rẹ̀ dára tó.

Ìyá wa ní Apẹtẹ bí ọmọ mẹ́ta, kò sì ní orogún. Síbẹ̀, ó pe àbúrò ọkọ rẹ̀ àti àkọ́bí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni yóò máa lo ṣọ́ọ̀bù kan, pé owó ìkejì yóò máa lọ sórí ìtọ́jú àwọn ọmọ, àti pé ọjà tó bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà jẹ́ tirẹ̀. Ìwé ojú ewé kan ni. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ń bọ̀ kí ẹ tó náwó.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ pín owó kí ẹ tó yan ọjà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń kọ́kọ́ yan òwò, tí wọn yóò wá kó gbogbo owó lé e. Ẹ yí i padà. Ẹ kọ iye tí ilé ń ná lóṣù sílẹ̀, láì yọ owó iná, owó òògùn àti ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí sàráà kúrò. Ti ìyá yìí jẹ́ 120,000 náírà. Ìnáwó ilé fún oṣù mẹ́fà jẹ́ 720,000; owó ilé-ìwé àwọn ọmọ fún ọdún kan jẹ́ 480,000; ìyẹn di 1,200,000 tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn rárá. Ó tún yọ 300,000 fún lọ́yà àti fún òrùlé tó ń jò. Ó ṣẹ́ ku 1,500,000. Ìdajì rẹ̀, 750,000, ni owó òwò. Ìdajì kejì dúró fún ìgbà tí ọjà bá gbówó lórí lójijì tàbí tí àpò kan bá bàjẹ́, nítorí pé ọ̀gbẹ́rì kò lè mọ ibi tí àdánù yóò gbà wọlé.

Láàárín oṣù mẹ́fà yìí, àwọn ènìyàn yóò máa wá. Ẹnìkan yóò ní kí ẹ fi ilé dúró fún owó yíyá ní báǹkì, ẹlòmíràn yóò mú ètò orí fóònù wá tó ń sọ owó di ìlọ́po méjì. MMM ti dá owó ènìyàn dúró ní Nàìjíríà lóṣù Kejìlá ọdún 2016, CBEX sì ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣù Kẹrin ọdún 2025, tí inú sì bí àwọn tí owó wọn há sí i débi pé wọ́n ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ kọ̀ fún wọn. Bí ẹ bá sì máa yá owó rárá, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dára ju báǹkì lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́dún àkọ́kọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wádìí iye tí ṣọ́ọ̀bù náà ì bá mú wá bí ẹ bá fi gba ayálégbé

Ìgbésẹ̀ tí wọ́n sábà máa ń fò nìyí, òun náà sì ni èmi gbà pé ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó jogún ilé. Ṣọ́ọ̀bù tí ẹ kì í sanwó rẹ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìlà kan náà bá ń lọ ní 200,000 náírà lọ́dún, ṣọ́ọ̀bù tí ẹ jókòó sí ń jẹ 16,700 náírà lóṣù, nítorí pé ayálégbé ì bá san iye yẹn fún yín láìsí pé ẹ gbé àpò kan. Òwò tí kò bá lè pa iye yẹn lẹ́yìn gbogbo ìnáwó ń fi ilé ọmọ yín ṣòfò, kódà bó bá dà bíi pé owó ń wọlé.

Ẹ bi àwọn tó ń lo ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò léèrè, ó kéré tán ènìyàn mẹ́ta, kí ẹ má fi ti aṣojú ilé nìkan ṣe, torí pé òun ń wo owó iṣẹ́ tirẹ̀. Ìyá wa fi ṣọ́ọ̀bù kejì gba télọ̀ kan ní 200,000 lọ́dún. Ó gbé owó yẹn sí àkáǹtì ọ̀tọ̀, ó sì ń mú 16,700 jáde lóṣooṣù, nítorí pé owó ilé tó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà rọrùn láti ná tán kí oṣù méjì tó pé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yẹ òwò wò pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ọjọ́ mélòó ni owó yóò lò níta kó tó padà. Èkejì ni pé bí ẹ bá ṣàìsàn fún ọjọ́ mẹ́ta, tàbí tí iná bá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ni yóò bàjẹ́. Ẹ̀kẹta ni pé ṣé ẹ̀yin fúnra yín lè ka ọjà náà lálẹ́ láì bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti pẹ́ nínú òwò lè fara da òwò tó kùnà nínú ìbéèrè kan. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò lè fara dà á.

Wọ́n dá òwò mẹ́ta lábàá fún ìyá yìí. Àkọ́kọ́ ni adìẹ tó ń yé ẹyin. Ọmọ adìẹ máa ń jẹun fún bí ọ̀sẹ̀ méjìdínlógún sí ogún kó tó yé ẹyin àkọ́kọ́. Ọgọ́rùn-ún adìẹ yóò ti jẹ nǹkan bí àpò oúnjẹ márùndínlọ́gbọ̀n, oníkìlógíráàmù 25, kí ẹyin kan tó jáde, nígbà tí wọ́n bá sì ti ń yé ẹyin, àpò kan kì í ju ọjọ́ méjì lọ púpọ̀. Bí lúkúlúkú bá wọ inú àgò, ọ̀sẹ̀ kan tó láti kó ohun tí oṣù mẹ́rin kọ́. Òwò gidi ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n ń jèrè, ṣùgbọ́n ó kùnà nínú ìbéèrè àkọ́kọ́ àti èkejì, ó sì ń béèrè ìkọ́lé lórí ilẹ̀ tí wọn kò tíì pín.

Èkejì ni ẹja inú yìnyín. Owó rẹ̀ ń yára padà, páálí kan lè tán láàárín ọjọ́ méjì, ìyá tó bá mọ ṣáwá yàtọ̀ sí kòtè yóò sì ní oníbàárà. Ohun tó ń pa òwò yìí ni iná. Ẹni tó ń gbé àdúgbò tí iná ti ń lọ fún wákàtí méjìdínlógún gbọ́dọ̀ fi jẹnẹrétọ̀ àti epo kún owó ọjà. Bí ẹ bá fẹ́ yan án, ẹ kọ wákàtí tí iná fi wà lójoojúmọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ẹ tó ra fírísà. Ìyá wa kọ ọ́, ó rí i pé kò tó wákàtí méje lọ́pọ̀ ọjọ́, ó sì fi ẹja sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni oúnjẹ gbígbẹ: ẹ̀wà, ìrẹsì, gàrí àti èlùbọ́ tí wọ́n ń fi kọ́ńgò wọ̀n. Owó rẹ̀ ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, kò nílò iná, ẹ lè ti ilẹ̀kùn pa fún ọjọ́ mẹ́ta láìsí àdánù, àpò sì rọrùn láti kà. Apẹtẹ sì sún mọ́ Pólì Ìbàdàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń ra ìdajì kọ́ńgò nírọ̀lẹ́. Èrè rẹ̀ tín-ín-rín. Mo sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹni kankan má rò pé ó rọrùn. Ṣùgbọ́n ó yege nínú ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun sì ni ìyá náà mú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ kọ́ ọ kí ẹ tó kó ọjà

Ẹ wá ẹni tó ń ta ohun kan náà ní àdúgbò mìíràn, tí ẹ kò ní bá du oníbàárà, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kí ẹ máa bá a jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ẹ mú ẹ̀bùn lọ, ẹ má sì tijú nítorí ọjọ́ orí. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i pé àpò ẹ̀wà kan lè ní ẹ̀wà tó mọ́ lókè àti èyí tí kòkòrò ti lu nísàlẹ̀, èyí tó fi jẹ́ pé àgbà olùrà kì í sanwó láì jẹ́ kí wọ́n gún àpò náà nísàlẹ̀ kí ó wò ó. Ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti mọ̀ pé àpò ìrẹsì tí wọ́n tú tí wọ́n tún rán lè má pé kìlógíráàmù 50, pé òṣùwọ̀n nìkan ló lè fi í hàn, àti pé èlùbọ́ tí kò gbẹ dáadáa yóò hu funfun láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bá ẹni náà lọ sí ọjà Bódìjà, níbi tí ẹ̀wà àti ọkà láti ilẹ̀ Haúsá ti ń bọ́ sílẹ̀, kí ẹ ra àpò kan ṣoṣo nínú ohun kọ̀ọ̀kan. Ẹ tú àpò náà sílẹ̀ nílé, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ ṣà á, kí ẹ sì fi kọ́ńgò tí ẹ ó máa lò wọ̀n ọ́n látòkè délẹ̀. Iye kọ́ńgò tó bá jáde ni kí ẹ fi ṣírò, ẹ má fi ti ẹni tó tà á fún yín ṣe.

Ká ní àpò ẹ̀wà jẹ́ 90,000, tí owó ọkọ̀ àti alábàárù jẹ́ 1,500, tí ó sì fún yín ní 60 kọ́ńgò. Kọ́ńgò kan ti ná yín ní 1,525. Bí àdúgbò bá ń tà á ní 1,700, gbogbo àpò yóò mú 102,000 wọlé, èrè yín sì jẹ́ 10,500. Ẹ wá wo èènì. Bí ẹ bá ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé kọ́ńgò kọ̀ọ̀kan nítorí pé oníbàárà ń pè yín ní ìyá rere, tí àpapọ̀ rẹ̀ sì di kọ́ńgò mẹ́ta lórí àpò kan, ẹ ti fún wọn ní 5,100, èrè yín sì ti já sí 5,400. Èènì kò burú, kò sì sí bí ẹ ó ṣe tajà ní Ìbàdàn láìsí i, ṣùgbọ́n ẹ wá abọ́ kékeré kan tí ẹ ó fi máa bù ú, kí ó lè jẹ́ ìwọ̀n kan náà fún gbogbo ènìyàn.

Ẹnìkan yóò ní kí ẹ kó gbogbo owó lé ẹ̀wà lóṣù Kọkànlá nígbà tí ẹ̀wà tuntun ti dé, kí ẹ dì í mọ́lẹ̀ títí di àárín ọdún tí yóò wọ́n. Ìyẹn jẹ́ òwò mìíràn, òwò àwọn tó lè dúró láìrí owó fún oṣù mẹ́jọ. Ẹ̀wà tí ẹ bá ní láti tọ́jú ju oṣù kan lọ, ẹ fi sínú àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, èyí tó ń pa kòkòrò láìsí òògùn. Ẹ má ṣe fi òògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fín sínú ilé sí oúnjẹ láé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìwé méjì, àkáǹtì kan, àti òfin àwìn

Ìwé kan fún ohun tí ẹ rà àti ohun tí ẹ tà lójoojúmọ́, ìwé kejì fún àwìn. Àkáǹtì òwò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti ilé. Ìrẹsì tí ilé bá jẹ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bíi ti oníbàárà, kí ẹ sì sanwó rẹ̀ láti inú owó ilé. Lọ́jọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, ẹ ka àpò, ẹ wọn ìyókù, kí ẹ sì wò ó bóyá ó bá ìwé mu. Bí kò bá bá a mu lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, yálà ọmọ tó ń bá yín tà ni, tàbí èènì, tàbí ohun tí ilé ń jẹ tí ẹ kò kọ sílẹ̀, ẹ wá a kí ẹ tó ra ọjà mìíràn.

Àwìn ló ń pa ṣọ́ọ̀bù opó jù, nítorí pé àánú àti ìtìjú wà nínú rẹ̀, àwọn ẹbí ọkọ sì wà lára àwọn tó ń gbà á. Ẹ dá iye kan. Ìyá wa ní 37,500, ìdá ogún owó òwò rẹ̀. Nígbà tí gbèsè tó wà níta bá ti pé iye yẹn, ẹni tó bá wá yóò dúró títí ẹnìkan yóò fi san. Ó fi ìwé náà han àbúrò ọkọ rẹ̀ nígbà tí onítọ̀hún wá gba àpò ìrẹsì kan, ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá wọn, ìwé ti kún. Bí ẹ bá mú ìdajì owó wá, màá bá yín gbé e dé inú ọkọ̀." Ọkùnrin náà san án.

Ìgbésẹ̀ keje: Lóṣù kẹrin, ẹ pinnu

Ká ní èrè tó kù lórí gbogbo ọjà, lẹ́yìn ọkọ̀ àti èènì, jẹ́ náírà mẹ́jọ lórí ọgọ́rùn-ún. Bí 750,000 bá yí lẹ́ẹ̀kan lóṣù, èrè jẹ́ 60,000. Ẹ yọ 15,000 fún ọ̀rá, iná àti owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà, ó ku 45,000. Ẹ yọ 16,700 tí ṣọ́ọ̀bù ì bá mú wá, ohun tí òwò náà pa gan-an jẹ́ 28,300. Pẹ̀lú owó télọ̀, ohun tó wọ ọwọ́ ìyá náà lóṣù jẹ́ 61,700, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ìdajì bùkátà ilé, owó oṣù mẹ́fà tó yà sọ́tọ̀ ló sì ń dí àlàfo yẹn. Bí owó bá ń yí lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, èrè di 120,000, ohun tó wọ ọwọ́ rẹ̀ sì di 121,700, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kájú bùkátà náà. Nítorí náà, iye ìgbà tí owó ń yí ni kí ẹ máa ṣọ́, ju èrè orí kọ́ńgò kan lọ. Ohun tó bá ń pẹ́ nílẹ̀, ẹ dín in kù. Ohun tó ń tán kíákíá, ẹ fi àyè rẹ̀ kún un. Ní ti ìyá wa, gàrí ń tán lọ́jọ́ márùn-ún, èlùbọ́ ń lò tó oṣù kan, ó sì fi èlùbọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń tà á ní Ẹlẹ́yẹlé.

Bí oṣù kẹrin bá parí, tí ohun tó kù lẹ́yìn ìnáwó, kí ẹ tó yọ owó ṣọ́ọ̀bù, kò tó 16,700 nínú oṣù méjì tẹ̀léra, ẹ ta ọjà tó wà nílẹ̀, kí ẹ sì fi ṣọ́ọ̀bù náà gba ayálégbé. Ilé kò lọ, 750,000 kejì ṣì wà, ẹ sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ra ọjà àti bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé òwò. Bó bá jẹ́ pé ó ń lé e dáadáa, ẹ lọ forúkọ òwò náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC ní orúkọ yín, kì í ṣe ní orúkọ olóògbé tàbí ti ẹbí. Bí ẹ bá sì fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù kejì padà láti fẹ òwò sí i, ẹ má kàn ti ilẹ̀kùn mọ́ télọ̀ náà: bí kò bá sí ìwé àdéhùn tó sọ nǹkan mìíràn, ayálégbé tó ń sanwó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, kí ìwé ọlọ́jọ́ méje tó tẹ̀lé e.